Iye Pàṣípààrọ̀ Ọjọ́ Wo? Ohun Tí Ìwé Owó Méjì Kọ́ Mi Nípa Oníbàárà Òkè Òkun

Ìwé owó àkọ́kọ́, ìyẹn ìwé tí a fi ń béèrè owó iṣẹ́, tí mo fi ránṣẹ́ sí oníbàárà kan ní òkè òkun kò ní ju gbólóhùn méjì lọ lórí ọ̀rọ̀ ìsanwó, inú mi sì dùn nígbà náà pé ó kúrú, ó sì mọ́. Ohun tí mo kọ ni pé: “$4,800, tí ẹ lè san ní yúrò ní iye pàṣípààrọ̀ tó wà lóde. Ṣáàjì báńkì kò sí nínú rẹ̀.” Ìtumọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ ni iṣẹ́ tí mo ṣe fún wọn. Dọ́là ni a fi dúnàá-dúrà, nítorí pé dọ́là ni mo fi ń san owó ẹni tó ń bá mi yẹ ìtumọ̀ wò, dọ́là náà ni mo sì fi ń san owó àwọn irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí mo ń lò. Ṣùgbọ́n yúrò nìkan ni ẹ̀ka ìṣirò owó tiwọn máa ń san jáde. Èmi ní àkáùǹtì yúrò ní báńkì mi, tó wà lẹ́yìn agbègbè tí wọ́n ti ń ná yúrò, nítorí náà mo gbà pé kò sí ìṣòro. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn méjèèjì yẹn tí kò padà wá bá mi jà.

Owó náà wọlé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ tí mo kọ ìwé owó, yúrò kan ń lọ ní dọ́là 1.14, ní ọjọ́ tí wọ́n san án, dọ́là ti lágbára sí i, yúrò kan sì ti bọ́ sí dọ́là 1.08. (Mo ti yí àwọn nọ́ńbà náà padà díẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ gan-an nìyẹn.) Bí a bá fi 1.08 pín 4,800, yúrò 4,444.44 ni, iye tí mo sì ń retí nìyẹn. Ohun tí mo rí nínú àkáùǹtì mi ni yúrò 4,180.53. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe ni. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó yé mi pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jẹ owó náà: wọ́n ti fi 1.14 ti ọjọ́ ìwé owó pín in, èyí tó sọ ọ́ di 4,210.53, lẹ́yìn náà ni ọgbọ̀n yúrò tún sọnù lójú ọ̀nà.

Mo kọ ímeèlì sí wọn. Obìnrin tó ń bójú tó ìwé owó níbẹ̀ dá mi lóhùn lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ètò kọ̀ǹpútà àwọn máa ń fi iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ tó wà lórí ìwé owó kọ gbèsè sílẹ̀, iye yẹn náà ni ó sì máa ń gbé jáde nígbà tí àkókò bá tó láti sanwó. Ó ní gbólóhùn mi sọ pé “iye tó wà lóde”, òun sì lo iye tó wà lóde lọ́jọ́ tí ìwé náà dé. Ní ti ṣáàjì, ó ní mo ti sọ pé kò sí nínú iye náà, òun sì gbà pé ohun tí mo ń sọ ni pé owó báńkì yóò yọ kúrò lára ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Mo ka gbólóhùn ara mi lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ mi gba ìtumọ̀ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe gba tèmi. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ṣe àṣìṣe tó ju ti àkọ́kọ́ lọ: mi ò yí gbólóhùn náà padà.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo tún kọ ìwé owó dọ́là 3,000 sí wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí yúrò kan jẹ́ dọ́là 1.08 ní ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Bí wọ́n bá tẹ̀lé àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi nígbà àkọ́kọ́, yúrò 2,777.78 ló yẹ kí wọ́n san. Ṣùgbọ́n yúrò ti gbéra kó tó di ọjọ́ ìsanwó, ó ti dé 1.11, ẹlòmíràn nínú ẹ̀ka náà ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò owó yẹn láìgba inú ètò kọ̀ǹpútà. Ó lo iye ti ọjọ́ tó sanwó, ó sì fi yúrò 2,702.70 ránṣẹ́. Inú bí mi gidi. Lójú tèmi, ọjọ́ tó bá wu wọ́n ni wọ́n ń mú, èyí tí yóò dín owó mi kù.

Mo gbé ìwé méjèèjì lọ bá ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó. Ó wò wọ́n, ó ní, “Àbúrò, èwo nínú méjèèjì ni wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ?” Mo ní méjèèjì ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí n mú kọ̀ǹpútà kékeré wá, kí n fi 1.11 sọ yúrò 2,702.70 di púpọ̀. Mo ṣe é, ó jẹ́ dọ́là 3,000 gérégé, àfi ìdá kékeré tí kò tó sẹ́ǹtì kan. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fi 1.08, iye ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ wọlé, sọ yúrò 4,210.53 di púpọ̀. Dọ́là 4,547.37 ló jáde. “Nígbà kejì tí ò ń pariwo lé lórí,” ó ní, “wọn ò jẹ ọ́ ní kọ́bọ̀ lórí iye pàṣípààrọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tó o dákẹ́ ni o ti pàdánù dọ́là 252.63.”

Ìjíròrò yẹn ló yí ojú tí mo fi ń wo gbogbo ọ̀rọ̀ náà padà. Títí di ìgbà náà, èrò mi ni pé ọjọ́ pàṣípààrọ̀ jẹ́ ohun tí a fi ń wá èrè, pé ọjọ́ kan dára, òmíràn kò dára. Àṣé ohun tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ara mi ni pé owó wo ni a fi ka gbèsè, owó wo ni a sì fi ń san án. Bí a bá fi dọ́là ka gbèsè, tí a sì fi yúrò san án ní iye ọjọ́ ìsanwó, dọ́là mi kò ní yẹ̀ bó ti wù kí yúrò gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Iye yúrò nìkan ni yóò máa yí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi iye ọjọ́ tí a kọ ìwé owó dè é, yúrò ti di iye kan tí kò yí mọ́ láti ọjọ́ náà, ìyẹn ni pé ìwé owó yúrò gan-an ni mo kọ, mo kàn fi dọ́là ṣe ọ̀ṣọ́ sí i lórí ni. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ẹni tí ìnáwó rẹ̀ jẹ́ yúrò lè fẹ́ èkejì, kí ó lè mọ iye tí ń bọ̀. Ohun tó burú ni kí ìwé má sọ èwo ni, nítorí pé nígbà náà oníbàárà ló máa mú ọjọ́, kódà bí kò bá ní ìkà nínú. Ètò kọ̀ǹpútà lè mú un lónìí, kí òṣìṣẹ́ mú un lọ́la.

Nígbà tí mo wá jókòó láti tún gbólóhùn náà kọ, mo rí i pé “iye ọjọ́ ìsanwó” pàápàá kò tíì tó. Ọjọ́ wo ni ọjọ́ ìsanwó? Ṣé ọjọ́ tí oníbàárà pàṣẹ fún báńkì rẹ̀ ni, àbí ọjọ́ tí báńkì yọ owó náà kúrò nínú àkáùǹtì rẹ̀, tàbí ọjọ́ tí ó wọ àkáùǹtì tèmi? Láàárín àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè kọjá. Mo mú ọjọ́ tí báńkì yọ owó kúrò, nítorí ó hàn nínú ìwé àkáùǹtì oníbàárà, kò sì sí ẹni tó lè bá wa jiyàn lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí owó wọ àkáùǹtì mi kò dára fún èyí, torí pé nígbà tí oníbàárà ń ṣírò iye tí yóò fi ránṣẹ́, kò lè mọ ọjọ́ tí yóò dé.

Lẹ́yìn ọjọ́, ibi tí a ti máa rí iye náà ló kàn. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ yúrò ni wọ́n fi ń san án, mo yan iye ìtọ́kasí tí Báńkì Àpapọ̀ Yúróòpù, ìyẹn ECB, máa ń gbé sórí ìkànnì rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, àkọsílẹ̀ àwọn ọjọ́ tó ti kọjá sì wà níbẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní àkókò àárín Yúróòpù, ni wọ́n máa ń gbé iye ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jáde. Èyí túmọ̀ sí pé òṣìṣẹ́ tó ń sanwó láàárọ̀ kò tíì lè rí iye ọjọ́ náà rárá. Bí ìwé mi bá sọ pé kí ó lò ó, ohun tí kò ṣeé ṣe ni mo ń béèrè, ó sì máa lo ohun tó bá rí. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ pé iye tí ECB gbé jáde kẹ́yìn ṣáájú ọjọ́ tí a yọ owó ni a ó lò. Ẹnìkan bi mí bóyá oníbàárà kò ní máa ṣọ́ ọjọ́ tí iye náà bá wù ú. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn mí, nítorí pé dọ́là ni gbèsè. Ìyàtọ̀ ọjọ́ kan péré ló lè fi jẹ mí, tí ọjọ́ ìkẹyìn ìsanwó kò bá tíì kọjá.

Gbólóhùn “tí ECB gbé jáde kẹ́yìn” yẹn tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. ECB kì í gbé iye jáde ní Sátidé àti Sọ́ńdè, kì í gbé e jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, Jímọ̀ Ọ̀wọ̀, Mọ́ńdè Àjíǹde, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, àti ọjọ́ 25 àti 26 oṣù Kejìlá. Ìwé tó bá kàn sọ pé “iye ti ọjọ́ ìsanwó” kò ní ìdáhùn fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì tún lè ṣẹlẹ̀ kí iye kan dáwọ́ dúró pátápátá: ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 2022, ECB ṣíwọ́ gbígbé iye ìtọ́kasí owó rúbù ilẹ̀ Rọ́ṣíà jáde. Fún dọ́là mi kò sí ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kò bá wọ́pọ̀ gbọ́dọ̀ wo àkọsílẹ̀ ECB kí ó tó dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé owó, nítorí kì í ṣe gbogbo owó ayé ló wà níbẹ̀.

Ó tún yẹ kí a sọ apá ibi tí iye yìí kì í dé. ECB fúnra rẹ̀ ló sọ pé fún ìmọ̀ lásán ni òun ń gbé e jáde, kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi ra owó tàbí tà á. Kò sí báńkì tó máa bá mi pààrọ̀ yúrò ní iye yẹn gan-an; iye tí báńkì mi ń gbà máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀. Fún èmi, òṣùwọ̀n láàárín èmi àti oníbàárà ni, bí òṣùwọ̀n tí àwọn méjì jọ gbé kalẹ̀ láàárín ara wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa mú tirẹ̀ wá láti ilé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti iye báńkì mi, èmi ni mo gbà á, mo sì ti fi í sínú iye tí mo ń béèrè fún iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní kí oníbàárà gbé e. Tèmi ni pé kò yẹ kí n ní kí ó sanwó fún báńkì tí kì í ṣe òun ló yàn án.

Ọ̀rọ̀ àmì owó kò gba àkókò. Àmì “$” ni wọ́n ń kọ fún dọ́là Amẹ́ríkà, òun náà ni wọ́n ń kọ fún ti Kánádà àti ti Ọsirélíà, nítorí náà USD ni mo ń kọ báyìí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìlànà ISO 4217. Mo sì ń kọ “USD 4800.00” láìfi àmì kankan pín ẹgbẹ̀rún, pẹ̀lú iye náà ní ọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, torí pé ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù, kọ́mà ni wọ́n fi ń ya sẹ́ǹtì sọ́tọ̀, àmì ìdánudúró ni wọ́n sì fi ń pín ẹgbẹ̀rún. Mo tún máa ń kọ bí iye pàṣípààrọ̀ ṣe dojú kọ, pé iye dọ́là fún yúrò kan ni, òun ni a ó sì fi pín iye dọ́là. Ó dà bí ohun tí ọmọdé mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó fi í sọ ọ́ di púpọ̀.

Ọgbọ̀n yúrò tó sọnù lójú ọ̀nà ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n béèrè ẹ̀dà ìránṣẹ́ owó náà, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè ní MT103, kí n sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ báńkì tèmi, kì í ṣe lọ́wọ́ oníbàárà nìkan. Ó ní ìdí kan wà fún un: ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ oníbàárà jẹ́ ti ìgbà tí owó kúrò ní báńkì rẹ̀, kò lè fi ohun tí báńkì agbedeméjì, ìyẹn báńkì tí owó gbà kọjá láàárín báńkì rẹ̀ àti tèmi, yọ lẹ́yìn náà hàn. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ báńkì mi ló máa fi í hàn. Mo san owó díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ fún mi, mo sì rí ìlà mẹ́rin yìí nínú rẹ̀, níbi tí mo fi YYMMDD rọ́pò ọjọ́:

```
:32A:YYMMDDEUR4192,53
:33B:EUR4210,53
:71A:SHA
:71F:EUR18,00
```

Ìlà 33B ni iye tí oníbàárà pàṣẹ pé kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ìlà 32A ni iye tó kù nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ báńkì mi. Ìlà 71F sọ ohun tó lọ láàárín méjèèjì, yúrò méjìdínlógún, èyí tí báńkì agbedeméjì yọ. Yúrò méjìlá tó kù kò sí nínú ìwé yìí rárá, nítorí báńkì tèmi ló yọ ọ́ nígbà tó fi owó sínú àkáùǹtì mi. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìlànà ISO 20022 ni àwọn báńkì ń fi irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láàárín ara wọn, ìrísí ìwé náà sì ti yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a ń bi í kò yàtọ̀: èló ni wọ́n pàṣẹ, èló ló dé, ta ló yọ èyí tó dín?

Ìlà 71A ni ìdáhùn sí ẹni tó gbé ṣáàjì. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń wà níbẹ̀. OUR ni pé ẹni tó fi owó ránṣẹ́ gbé gbogbo rẹ̀. BEN ni pé ẹni tó ń gba owó gbé gbogbo rẹ̀. SHA ni pé wọ́n pín in, ẹni tó fi ránṣẹ́ san ti báńkì rẹ̀, ẹni tó ń gbà sì gbé ìyókù. Nínú ìlànà tuntun, DEBT, CRED àti SHAR ni wọ́n ń kọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni SHA. Ìpín tó dọ́gba ló dà lójú, bẹ́ẹ̀ báńkì agbedeméjì tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà nínú “ìyókù” tó bọ́ sọ́rùn ẹni tó ń gba owó. Mi ò yan báńkì yẹn, oníbàárà kò yàn án, síbẹ̀ ara owó mi ni ó ti jẹun.

Èrò mi àkọ́kọ́ ni kí n kọ OUR sínú ìwé owó, kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má ṣe é bẹ́ẹ̀ nìkan. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin ìsanwó tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 sọ pé bí báńkì ẹni tó ń sanwó àti ti ẹni tó ń gbà bá wà nínú agbègbè náà, oníkálukú ni yóò san ṣáàjì báńkì tirẹ̀. Báńkì oníbàárà lè torí èyí kọ̀ láti gba OUR. Báńkì mi kò sí nínú agbègbè náà ní tèmi, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí àkáùǹtì sọ́hùn-ún lọ́la, gbólóhùn náà ti di aláìwúlò. Yàtọ̀ sí èyí, OUR kò kan ohun tí báńkì tèmi ń gbà lọ́wọ́ mi lórí owó tó wọlé, mo sì ti rí i lẹ́yìn náà, lórí owó oníbàárà mìíràn, tí báńkì agbedeméjì yọ owó tirẹ̀ láìka OUR tí wọ́n kọ sí. OUR jẹ́ àṣẹ tí a fún báńkì. Ohun tí mo nílò nínú ìwé owó ni àdéhùn láàárín èmi àti oníbàárà lórí iye tó gbọ́dọ̀ dé, kí lẹ́tà mẹ́ta náà wá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é.

Bí gbólóhùn náà ṣe rí nìyí nígbà tí mo parí rẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti yí i padà ní nǹkan bí ìgbà mẹ́fà:

“Iye gbèsè yìí jẹ́ USD 2400.00, dọ́là Amẹ́ríkà ni a sì fi ka gbèsè náà. Oníbàárà lè san án ní yúrò. Bí ó bá san án ní yúrò, iye yúrò yóò jẹ́ iye dọ́là tí a fi iye ìtọ́kasí ECB pín, ìyẹn iye dọ́là fún yúrò kan, tí ECB gbé jáde kẹ́yìn ṣáájú ọjọ́ tí báńkì oníbàárà yọ owó náà nínú àkáùǹtì rẹ̀. A ó dá a dúró sí sẹ́ǹtì tó sún mọ́ ọn jù. Gbogbo ṣáàjì báńkì oníbàárà àti ti báńkì agbedeméjì èyíkéyìí jẹ́ ti oníbàárà. Ṣáàjì báńkì olùṣe iṣẹ́ jẹ́ ti olùṣe iṣẹ́. Níbi tí báńkì bá ti gbà á, kí a fi OUR ránṣẹ́. Gbèsè náà tán nígbà tí iye yúrò náà bá pé ní báńkì olùṣe iṣẹ́, kí báńkì yẹn tó yọ ṣáàjì tirẹ̀.”

Apá tó kẹ́yìn yẹn, “kí báńkì yẹn tó yọ ṣáàjì tirẹ̀”, ni mo fi kún un kẹ́yìn. Láìsí i, gbólóhùn tó sọ pé owó gbọ́dọ̀ pé ní àkáùǹtì mi yóò sọ yúrò méjìlá ti báńkì mi di gbèsè oníbàárà, èyí tó lòdì sí gbólóhùn tó sọ nínú ìwé kan náà pé ṣáàjì báńkì olùṣe iṣẹ́ jẹ́ ti olùṣe iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí oníbàárà gbé gbogbo rẹ̀ lè yọ ọ́, àmọ́ kí ó yọ gbólóhùn yẹn náà.

Mo fi gbólóhùn náà ránṣẹ́ sí wọn kí iṣẹ́ kẹta tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí mo parí rẹ̀, torí pé ìwé owó tó dé lẹ́yìn iṣẹ́ kò lè fi ohun tí a kò jọ sọ tẹ́lẹ̀ de oníbàárà. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí ìwé owó kàn máa tún un sọ. Obìnrin tí mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò bá mi jiyàn lórí ọjọ́ pàṣípààrọ̀ rárá. Ó ní inú òun dùn pé òun kò ní máa mú ọjọ́ fúnra òun mọ́. Báńkì agbedeméjì ló kọminú sí. Ó ní ó ṣeé ṣe kí àwọn fi OUR ránṣẹ́, kí àwọn sanwó rẹ̀, kí ẹnìkan tún yọ yúrò mélòó kan lójú ọ̀nà, kí ètò kọ̀ǹpútà àwọn sì sọ pé gbèsè ti tán nígbà tí tèmi ń sọ pé ó ku díẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Mo gbà pé bí ohun tó dín kò bá ju yúrò mẹ́wàá lọ, èmi ni mo gbé e. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, mo máa fi ẹ̀dà ìránṣẹ́ owó náà hàn wọ́n, mo sì máa fi gbogbo rẹ̀ kún ìwé owó tó ń bọ̀ ní ìlà tirẹ̀. Lílépa yúrò mẹ́fà pẹ̀lú ímeèlì mẹ́rin kò bá ọgbọ́n mu, owó tí báńkì mi ń gbà fún ẹ̀dà yẹn nìkan ti ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ìkẹyìn láti san owó iṣẹ́ kẹta bọ́ sí àsìkò Àjíǹde. Wọ́n yọ owó náà nínú àkáùǹtì wọn ní Túsìdeè tó tẹ̀lé Mọ́ńdè Àjíǹde. Obìnrin náà kọ ìlà kan sí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé òun wo ECB, kò sí iye fún Mọ́ńdè, kò sí fún Jímọ̀, nítorí náà òun lo ti Tọ́sìdeè, tó jẹ́ 1.0920. Mo pín 2,400 pẹ̀lú rẹ̀, mo sì rí 2,197.80, iye kan náà tó wà nínú ìwé ìsanwó tó so mọ́ ímeèlì rẹ̀. Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, 2,185.80 wọ àkáùǹtì mi: yúrò méjìlá ti báńkì mi nìkan ló dín.